Látinú Fọ́tò Ìwé Ìtajà sí Àtẹ Owó Tó Mọ́: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ọlọ́jà kan ya fọ́tò ìwé ìtajà wọn ránṣẹ́ sí mi, wọ́n ní kí n bá àwọn tò ó dáadáa. Wọn ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ni kí n ṣe gan-an?

Ẹni tó bá gbé irú iṣẹ́ yìí fún yín, ohun mẹ́ta ló sábà máa ń fẹ́ mọ̀: iye ọjà tí òun tà, iye owó tó wọlé, àti iye tó ṣì wà lọ́rùn àwọn oníbàárà. Ìwé ọwọ́ ti da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ẹ̀yin lẹ máa yà wọ́n sọ́tọ̀. Wọn ò ní kí ẹ tún ohun tí wọ́n kọ ṣe, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò ní kí ẹ pa ìlà méjì pọ̀ torí pé wọ́n jọra.

Nítorí náà, ìlà kan nínú ìwé gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlà kan nínú àtẹ, bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn. Ohun tí ọlọ́jà kọ ní àyè tirẹ̀, ohun tí ẹ̀yin ṣírò ní àyè tirẹ̀. Ibi tí ẹ ò bá lè kà, ẹ sọ pé ẹ ò lè kà á. Ẹ má sì kọ́kọ́ da ìbéèrè bo wọn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ojú ìwé náà fúnra rẹ̀ ló máa dáhùn ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìwọ̀nba tó bá ṣẹ́ kù lẹ máa bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà tí iṣẹ́ bá parí.

Fọ́tò náà ò hàn dáadáa. Ṣé kí n máa bá a lọ bẹ́ẹ̀?

Rárá o, ẹ ní kí wọ́n tún un yà. Kí wọ́n tẹ́ ìwé náà pẹrẹsẹ sórí tábìlì lẹ́bàá fèrèsé, kí fóònù dúró gangan lórí rẹ̀, kí òjìji ọwọ́ má bọ́ sí ojú ìwé. Kí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hàn, pàápàá etí ìwé àti ìsàlẹ̀, torí etí ìwé ni wọ́n máa ń kọ gbèsè sí, ìsàlẹ̀ sì ni àròpọ̀ wà. Bí wọ́n bá ń fi í ránṣẹ́ lórí ìkànnì ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́, kí wọ́n fi ránṣẹ́ bíi fáìlì, kì í ṣe bíi àwòrán lásán, nítorí àwọn ìkànnì wọ̀nyí sábà máa ń fún àwòrán pọ̀ kó lè tètè lọ. Nọ́ńbà kéékèèké ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́ níbẹ̀: 3 á dà bí 8, 6 á dà bí 0.

Òpó mélòó ni kí àtẹ náà ní?

Mẹ́jọ tó. Nọ́ńbà ìlà, ọjà, iye tí wọ́n tà, owó ẹyọ kan, owó tó wà nínú ìwé, owó tí a mú, owó tó wọlé, àti àkíyèsí. Bí ojú ìwé bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ fi ọjọ́ àti nọ́ńbà ojú ìwé kún un.

Òpó méjì nínú wọn ló sábà máa ń rú àwọn èèyàn lójú. “Nínú ìwé” ni ohun tí ọlọ́jà fi ọwọ́ ara wọn kọ, yálà ó tọ́ tàbí kò tọ́. Ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́. “Tí a mú” ni owó ọjà tí ẹ gbà pé ó tọ́ lẹ́yìn àyẹ̀wò, òun náà lẹ máa ròpọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìlà, méjèèjì á bára mu. Ibi tí wọn ò bá ti bára mu, àkíyèsí gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tó sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ojú ìwé kan hàn wá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹ jẹ́ ká mú ojú ìwé kan tó ní ìlà mẹ́sàn-án, tí ọlọ́jà kọ àròpọ̀ 55300 sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí àtẹ rẹ̀ ṣe rí nígbà tí iṣẹ́ parí nìyí:

| Ìlà | Ọjà | Iye | Ẹyọ kan | Nínú ìwé | Tí a mú | Wọlé | Àkíyèsí |
|---|---|---|---|---|---|---|---|
| 1 | bàtà | 3 | 4500 | 13500 | 13500 | 13500 | |
| 2 | báàgì | 2 | 6000 | 12000 | 12000 | 12000 | |
| 3 | fìlà | 5 | 1200 | 6000 | 6000 | 6000 | |
| 4 | fìlà | 4 | 1200 | 4800 | 4800 | 4800 | àmì “bíi ti òkè” ni wọ́n fi sí ọjà àti ẹyọ kan |
| 5 | bàtà | 2 | 4500 | 9000 | 9000 | 5000 | àwìn, ó ku 4000 |
| 6 | ìbọ̀sẹ̀ | 12 | 350 | 4200 | 0 | 0 | wọ́n fagi lé e |
| 7 | báàgì | 1 | | 6500 | 6500 | 6500 | ó lè jẹ́ 6800. Àròpọ̀ bá 6500 mu |
| 8 | ìbọ̀sẹ̀ | 10 | 350 | 5300 | 3500 | 3500 | 10 lọ́nà 350 jẹ́ 3500. Ẹ bi wọ́n |
| 9 | gbèsè àná | | | 7000 | 0 | 7000 | etí ìwé ni wọ́n kọ ọ́ sí. Kì í ṣe ọjà òní |
| | Àròpọ̀ | | | | 55300 | 58300 | |

Ẹ má rò pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí látìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, bí wọ́n ṣe kọ 5300 ní ìlà 8 náà la ṣe mú un, a sì ka ìlà 7 sí 6500. Àròpọ̀ wa jẹ́ 57100. Ti ọlọ́jà jẹ́ 55300. Ìyàtọ̀ jẹ́ 1800.

Ibi tí iṣẹ́ gidi ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìlà méjì ló ń kọ wá lóminú. Ní ìlà 7, nọ́ńbà kejì lè jẹ́ 5 tàbí 8, wọn ò sì kọ owó ẹyọ kan. Ní ìlà 8, 5300 hàn kedere, ṣùgbọ́n tí a bá fi 10 lu 350, 3500 la máa rí. Ìyàtọ̀ 5300 sí 3500 sì jẹ́ 1800 géérégé, iye kan náà tí àròpọ̀ wa fi lé sí ti ọlọ́jà. Nítorí náà, 3500 ni ọlọ́jà fi ròpọ̀, àmọ́ nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́ sínú ìwé, nọ́ńbà méjì pààrọ̀ àyè. Ìlà 7 náà yanjú pa pọ̀ mọ́ ọn: ká ní 6800 ni, àròpọ̀ ì bá jẹ́ 55600, kò sì ní bá ti ìsàlẹ̀ mu.

Ẹ kíyè sí ohun kan tí a ò ṣe. Ìlà 2 sọ pé 6000 ni báàgì kan. Ó ń wu èèyàn kó kàn sọ pé ìlà 7 náà gbọ́dọ̀ jẹ́ 6000. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kejì níbẹ̀ kì í ṣe 0, bí ó ti wù ká wò ó tó. Iye tí èèyàn ta báàgì fún oníbàárà kan lè yàtọ̀ sí iye tó tà á fún ẹlòmíì. Ohun tó wà lójú ìwé ló ní àṣẹ, kì í ṣe ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá 1 ni tàbí 7, 4 ni tàbí 9?

Ẹ kọ́kọ́ kọ́ bí ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́ ṣe rí. Àwọn nọ́ńbà kan wà nínú ìwé náà tí ẹ ti mọ̀ láìní wo ọwọ́: ọjọ́. Bí ọjọ́ bá ń tẹ̀ lé ara wọn láti orí ojú ìwé kan bọ́ sórí òmíràn, ẹ ti mọ èyí tó yẹ kó jẹ́ 14 àti èyí tó yẹ kó jẹ́ 17. Ẹ wò bí wọ́n ṣe kọ 4 àti 7 níbẹ̀, kí ẹ wá fi wé èyí tó ń dà yín láàmú. Ibi kejì ni àwọn ìlà tí ìṣirò wọn ti bára mu, irú ìlà 1 lókè yìí: iye lọ́nà ẹyọ kan ti fún yín ní 13500, nítorí náà ẹ ti mọ bí 1, 3 àti 5 wọn ṣe máa ń rí.

Ọwọ́ èèyàn kì í sábà yí padà láàárín ojú ìwé kan. Ẹni tó bá ń fa ìlà sí àárín 7 á máa fà á títí. Bí ẹ bá rí “7” kan ṣoṣo tí kò ní ìlà láàárín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ 1.

Bí gbogbo èyí ò bá yanjú rẹ̀, ẹ tẹ èyí tó súnmọ́ jù, kí ẹ kọ èkejì sí àkíyèsí. Bí ẹ ò bá rí nǹkan kan kà rárá, ẹ fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo. Ẹ má fi 0 síbẹ̀, nítorí 0 ń sọ pé owó kankan ò wọlé, èyí sì yàtọ̀ sí pé a ò mọ̀.

Mo gbọ́ pé tí ìyàtọ̀ bá ṣeé pín sí mẹ́sàn-án, nọ́ńbà ló pààrọ̀ àyè. Òótọ́ ni?

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rí. Bí nọ́ńbà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bá pààrọ̀ àyè, ìyàtọ̀ tó máa yọ gbọ́dọ̀ ṣeé pín sí mẹ́sàn-án láìṣẹ́kù: 53 di 35, ìyàtọ̀ jẹ́ 18, 5300 di 3500, ó jẹ́ 1800. Àmọ́ odo tó já bọ́ náà máa ń ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá tẹ 450 dípò 4500, ìyàtọ̀ jẹ́ 4050, òun náà ṣeé pín sí mẹ́sàn-án, ìdáhùn rẹ̀ sì ni 450 gan-an, iye tí ẹ ṣì tẹ̀. Nítorí náà, bí ìyàtọ̀ bá ṣeé pín, ẹ pín in, kí ẹ wo bóyá ìdáhùn rẹ̀ wà nínú òpó yín. Bó bá wà níbẹ̀, ìlà yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Bí kò bá ṣeé pín sí mẹ́sàn-án, ẹ wá iye tó dọ́gba pẹ̀lú ìyàtọ̀ náà. Ó lè jẹ́ ìlà tí ẹ fò, tàbí èyí tí wọ́n fagi lé tí ẹ sì kà mọ́ ọn. Ẹ tún pín ìyàtọ̀ sí méjì: bí ìdajì rẹ̀ bá wà nínú òpó, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ owó tó yẹ kí ẹ yọ lẹ lọ rò mọ́ ọn.

Wọ́n kọ “4.5” sí ìlà kan, wọ́n kọ “12” sí òmíràn. Ó dájú pé kì í ṣe mẹ́rin ààbọ̀.

Ẹni tó ń kọ̀wé bí oníbàárà ṣe dúró níwájú rẹ̀ máa ń gé nọ́ńbà kúrú. Ó ṣeé ṣe kí 4.5 jẹ́ 4500, kí 12 sì jẹ́ 12000. Ẹ má tún ìlà kan ṣe láìwo èyí tó kù. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti kọ ọjà kan náà ní kíkún, kí ẹ sì dán an wò lára àròpọ̀ ìsàlẹ̀. Bí ó bá bára mu, ẹ fi 4.5 sílẹ̀ bó ṣe wà ní “Nínú ìwé”, kí ẹ tẹ 4500 sí “Tí a mú”. Ẹ tún ṣọ́ra fún “12” tó jẹ́ iye ọjà, tó kàn sún wá sí àyè owó.

Ṣé kí n ka àwìn mọ́ ohun tí wọ́n tà?

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ kà á mọ́ ọjà tí wọ́n tà, àmọ́ ẹ má kà á mọ́ owó tó wọlé. Ìdí tí àtẹ wa fi ní òpó méjì nìyẹn. Ní ìlà 5, ọjà 9000 ti kúrò lọ́wọ́ ọlọ́jà lọ́jọ́ náà, 5000 péré ló sì bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ní ìlà 9, òdìkejì rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀: owó 7000 wọlé láìjẹ́ pé ọjà kankan jáde, nítorí ọjà rẹ̀ ti jáde tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ro 7000 yẹn mọ́ ọjà òní ti ka ọjà kan lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tó ń rú ọ̀pọ̀ ọlọ́jà lójú ni pé owó tó wà lọ́wọ́ wọn lálẹ́ kì í bá àròpọ̀ ìwé mu, wọ́n á sì rò pé owó sọnù. Àtẹ yìí fi hàn wọ́n: 55300 ni ọjà, ẹ yọ 4000 tí oníbàárà ìlà 5 jẹ, ẹ fi 7000 gbèsè àná kún un, ó jẹ́ 58300. Bí wọn ò bá kọ ọ̀rọ̀ kan tó fi àwìn hàn, ẹ má fi ọwọ́ ara yín sọ ìlà kankan di àwìn. Òrúkọ oníbàárà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹni náà jẹ gbèsè.

Mo ti tẹ gbogbo rẹ̀ sínú Excel, ṣùgbọ́n àròpọ̀ rẹ̀ kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Kí ló fà á?

Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti tẹ nǹkan mìíràn mọ́ nọ́ńbà nínú àpótí kan. Bí ẹ bá tẹ “6500?” kí ẹ lè rántí pé kò dá yín lójú, Excel á kà á sí ọ̀rọ̀, `SUM` á sì fò ó láìsọ nǹkan kan fún yín. Ohun kan náà ló máa ń ṣẹlẹ̀ tí ẹ bá tẹ lẹ́tà O sí àyè odo. Bí ẹ ò bá tíì yí ètò rẹ̀ padà, nọ́ńbà máa ń fara ti apá ọ̀tún àpótí, ọ̀rọ̀ sì máa ń fara ti apá òsì. Ẹ yára wo òpó náà sílẹ̀: èyí tó bá lọ sí òsì ni ẹ̀ṣẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Àmì ìbéèrè yín, òpó àkíyèsí ni àyè rẹ̀.

Ẹ fi òpó kan sí ìparí fún àyẹ̀wò. Bí ìlà 1 ìwé bá bẹ̀rẹ̀ ní ìlà kejì Excel, tí òpó sì tò bíi ti àtẹ òkè yẹn, ohun tí ẹ máa tẹ̀ nìyí:

```
I2:   =C2*D2-E2
F11:  =SUM(F2:F10)
G11:  =SUM(G2:G10)
```

Ẹ fa ti `I2` sílẹ̀ dé `I10`. Gbogbo ìlà tí ìṣirò ọlọ́jà tọ́ máa fi 0 hàn. Ìlà 8 máa fi -1800 hàn. Ìlà 7 àti 9 máa fi iye ńlá hàn torí pé wọn ò ní owó ẹyọ kan, kì í ṣe torí pé wọ́n ṣàṣìṣe.

Ọjọ́ náà ńkọ́? Bí wọ́n bá kọ 3/6, Excel lè kà á sí oṣù kẹta ọjọ́ kẹfà, tàbí oṣù kẹfà ọjọ́ kẹta, ó dá lórí ètò kọ̀ǹpútà yín. Ẹ wo ọjọ́ tó wà lójú ìwé tó tẹ̀ lé e kí ẹ tó gbà á gbọ́.

Ṣé mo lè tò ó ní ọjà-ọjà, kí gbogbo bàtà wà lójú kan?

Ẹ ṣe é sórí ojú ewé mìíràn. Èyí tí ẹ máa fún ọlọ́jà gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ìwé, kí wọ́n lè fi ìka kan sórí ìwé, kí ìka kejì wà lórí àtẹ, kí wọ́n sì bá a lọ sílẹ̀. Òpó nọ́ńbà ìlà ló máa jẹ́ kí ẹ lè dá a padà sí bó ṣe wà.

Kí ni kí n fi ránṣẹ́ padà?

Àtẹ náà, gbólóhùn kan tó sọ àbájáde rẹ̀, àti ìwọ̀nba ìbéèrè tó ṣẹ́ kù. Bí wọn ò bá ní Excel lórí fóònù wọn, ẹ sọ àtẹ di àwòrán. Fún ojú ìwé tí a ṣe yìí, iṣẹ́ tí a máa jẹ́ lè rí báyìí:

“Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọjà tí ẹ tà lójú ìwé yìí jẹ́ 55300, ó bá àròpọ̀ tí ẹ kọ mu. Owó tó wọlé jẹ́ 58300, gbèsè tí ẹ gbà wà nínú rẹ̀. 4000 ṣì wà lọ́rùn oníbàárà ìlà 5. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi wo ìlà 8: 5300 lẹ kọ, ṣùgbọ́n mẹ́wàá lọ́nà 350 jẹ́ 3500. Ṣé 3500 lẹ gbà?”

Ẹ fi nọ́ńbà ìlà sínú ìbéèrè nígbà gbogbo, kí wọ́n má baà máa wá a kiri. Bí wọ́n bá dáhùn pé 5300 làwọn gbà lóòótọ́, ẹ yí “Tí a mú” àti “Wọlé” padà, kí ẹ sì kọ ọ́ sí àkíyèsí pé ọlọ́jà ló sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà náà, àròpọ̀ ìsàlẹ̀ ìwé ló kéré ní 1800.

Òrúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn tó jẹ gbèsè wà nínú fọ́tò náà.

Ẹ má gbé e fún ẹlòmíì. Bí ẹlòmíì bá máa bá yín tẹ̀ ẹ́, ẹ gé etí fọ́tò yẹn kúrò, kí ẹ fi nọ́ńbà ìlà rọ́pò òrúkọ. Bí iṣẹ́ bá parí tí ọlọ́jà sì ti gbà á, ẹ pa fọ́tò rẹ́ lórí fóònù yín.

Ojú ìwé pọ̀, iye kan sì wà lókè ìkọ̀ọ̀kan tí kò ní orúkọ ọjà.

Ó dájú dé àyè kan pé àròpọ̀ ojú ìwé tó ṣáájú ni wọ́n gbé wá. Ẹ fi wé ìsàlẹ̀ ojú ìwé ìṣáájú: bí wọ́n bá dọ́gba, òun ni. Ẹ má kà á mọ́ ọjà o. Bí ẹ bá kà á mọ́ ọn, gbogbo ohun tó ti kọjá ni ẹ tún tà lẹ́ẹ̀kejì.

Iye yẹn wúlò fún ohun mìíràn. Fọ́tò máa ń dé láìtò tẹ̀ lé ara wọn, òun ló sì máa sọ ojú ìwé tó ṣáájú èwo. Bí iye òkè ojú ìwé kan ò bá bá ìsàlẹ̀ ìkankan mu, ó ṣeé ṣe kí fọ́tò kan má tíì dé ọ̀dọ̀ yín.

Ó sì tún lè jẹ́ pé ọlọ́jà ló ṣi iye náà kọ nígbà tí wọ́n ń gbé e sókè. Àṣìṣe bẹ́ẹ̀ máa ń tẹ̀ lé wọn dé òpin ìwé. Bí wọ́n bá gbé 55300 lọ bíi 53500 lójú ìwé kejì, gbogbo àròpọ̀ tó tẹ̀ lé e máa dín ní 1800, bí ìlà kọ̀ọ̀kan tilẹ̀ tọ́. Ẹ máa ro ọjà ojú ìwé kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ẹ sì tò ó sí ẹ̀gbẹ́ àròpọ̀ tí ọlọ́jà ń gbé lọ. Ojú ìwé tí ìyàtọ̀ ti kọ́kọ́ yọ ni kí ẹ sọ fún wọn, kí wọ́n lè ṣí i fúnra wọn, kí wọ́n tún un kọ.